Mítà Tí Ó Wà Lórí Òpó: Ẹni Tí Ó Ni Òṣùwọ̀n Ni Kí Ó Jẹ́rìí Sí I

Ní ọjà Ìkàrẹ́, kò sí obìnrin tí ó mọ ọjà rà tí yóò jẹ́ kí a wọn gàrí fún òun láì kọ́kọ́ bojú wo inú kọ́ńgò. Bí wọ́n bá ti tẹ ìdí kọ́ńgò náà wọ inú, yóò sọ ọ́ lójú ẹsẹ̀, yóò sì yí sí ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn. Ọjà kan wà ní ìlú kan náà tí àyè irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀ kò sí. Ọjà náà ni iná mànàmáná. Ẹni tí ń tà á ni ó ni òṣùwọ̀n. Òun ni ó gbé e kọ́ sórí òpó, òun ni ó fi èdìdì dì í, òfin kò sì gbà kí olùrà ṣí i wò. Olùrà kò tún ní ìsọ̀ mìíràn tí ó lè yà sí, nítorí láti Ìkàrẹ́ gba Àkùngbá títí dé orí òkè Ọ̀kà, ilé iṣẹ́ kan ṣoṣo ni ó ń pín iná, ìyẹn BEDC, tí Ẹ̀dó, Délítà, Èkìtì àti Oǹdó wà lábẹ́ rẹ̀ láti ìgbà tí ìjọba àpapọ̀ ti ta ilé iṣẹ́ iná fún àwọn aládàáni ní ọdún 2013.

Nítorí èyí ni ìjà fi ń ṣẹlẹ̀ nígbàkígbà tí owó iná bá ń tán kí ọjọ́ tó pé. Onílé á ní, "Mítà yìí ń sáré." Òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ iná á ní, "Ẹ̀ ń lo iná jù ni." Ẹjọ́ méjèèjì yìí ni wọ́n ń dá láì gbé ohunkóhun sórí ìwọ̀n. Ọ̀kan ń fẹ̀sùn kan ẹ̀rọ tí kò dán wò, èkejì ń fẹ̀sùn kan ìdílé tí kò dé inú ilé wọn rí. Ohun tí ó burú jù nínú rẹ̀ ni pé nígbà tí àríyànjiyàn náà ń lọ, ohun tí ń jẹ iná gan-an lè wà nínú ògiri, kí ó máa jẹ owó lọ, kí ó sì máa dúró de ọmọ tí yóò fi ọwọ́ tútù kan ògiri náà.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ohun tí a ń fi ohùn gíga yanjú. Ó ní ìlànà tí a ń tẹ̀ lé, ó sì ní ibi tí iṣẹ́ olùrà parí sí tí iṣẹ́ olùtà bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀bi onílé ni bí kò bá ṣe apá tirẹ̀. Ṣùgbọ́n bí onílé bá ti ṣe apá tirẹ̀ tán, tí ilé iṣẹ́ iná bá ṣì ń sọ pé "ẹ̀ ń lo iná jù" láì gbé mítà mìíràn wá fi dán ti òpó wò, a jẹ́ pé ọ̀rọ̀ náà ti kúrò ní àṣìṣe, ó ti di ìrẹ́jẹ.

Ibi tí àyẹ̀wò ti ń bẹ̀rẹ̀ ni ìwé ẹ̀rí owó tí a fi ra iná. Mítà kò mọ náírà. Yúníìtì ni ó ń kà, èyí tí ojú rẹ̀ ń pè ní `kWh`. Yúníìtì kan ni ohun tí ẹ̀rọ oníwáàtì 1,000 ń jẹ ní wákàtí kan. Ẹni tí ó bá ń sọ pé "owó ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá tí mo rà kò tó nǹkan mọ́" kò tíì fi ohunkóhun kan mítà. Ní ọjọ́ 3 oṣù kẹrin ọdún 2024, àjọ NERC tí ń ṣàkóso ọ̀rọ̀ iná gbé owó yúníìtì àwọn tí wọ́n wà ní ìpele A, ìyẹn àwọn tí a ṣèlérí wákàtí 20 fún lójúmọ́, láti bíi náírà 68 sí náírà 225. Bí a bá yọ owó orí ọjà, ìdá 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún, kúrò nínú náírà 10,000, èyí tí ó kù jẹ́ nǹkan bíi náírà 9,300. Ní iye àtijọ́, yúníìtì 137 ni ó rà. Ní iye tuntun, kò ju 41 lọ. Mítà kò yára sí i. Ọjà ni ó wọ́n. Ìpele tí ilé kọ̀ọ̀kan wà àti iye tí a ta yúníìtì fún un wà lórí ìwé ẹ̀rí náà. Bí wọ́n bá ń yọ gbèsè àtijọ́ díẹ̀díẹ̀ nínú owó tí a san, ibẹ̀ náà ni yóò ti hàn. Nítorí náà, yúníìtì ni kí a fi wé yúníìtì, kí a má fi náírà wé náírà.

Àwọn kan tún dá ẹ̀bi lé nọ́ńbà gígùn méjì tí wọ́n ní kí àwọn ènìyàn tẹ̀ sínú mítà kí ó tó di ọjọ́ 24 oṣù kọkànlá ọdún 2024. Ìgbà náà ni wọ́n ní mítà wọn bẹ̀rẹ̀ sí í sáré. Iṣẹ́ nọ́ńbà wọ̀nyẹn kò ju pé kí ó yí kọ́kọ́rọ́ tí mítà fi ń mọ nọ́ńbà owó iná padà, nítorí pé òǹkà ọjọ́ tí àwọn mítà olówó-ṣáájú ń lò káàkiri ayé fẹ́ tán ní ọjọ́ náà. Wọn kò kan apá ibi tí mítà ti ń wọn iná rárá. Ẹni tí ó bá fẹ́ gba ẹjọ́ rẹ̀ kò gbọdọ̀ gbé ẹ̀sùn tí òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ lè fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo fọ́ sílẹ̀.

Ohun kejì tí àwọn ènìyàn ń gbàgbé ni wákàtí. Ní Àkókó, iná kì í wà bákan náà lọ́sẹ̀ méjì. Ọ̀sẹ̀ tí iná wà fún wákàtí 30 kò lè bá ọ̀sẹ̀ tí ó wà fún wákàtí 80 dọ́gba, kódà bí ẹnikẹ́ni kò bá fi ohun èlò kan kún ti ilé. Ìṣirò tí ó ní ìtumọ̀ ni yúníìtì tí ilé jẹ ní wákàtí kọ̀ọ̀kan tí iná fi wà. Ìwé kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ mítà tó fún èyí: iye tí ó kù ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, iye tí ó kù ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé kejì, owó iná tuntun tí a bá fi kún un láàárín, àti wákàtí tí iná fi wà.

Ká ní ilé kan wà ní Ọ̀kà tí ó jẹ yúníìtì 42 ní ọ̀sẹ̀ tí iná wà fún wákàtí 60. Yúníìtì 0.7 ni ó ń jẹ ní wákàtí kan. Fírísà kan ni ilé náà ní, tí ó ń jẹ wáàtì 150 nígbà tí ó bá ń ṣiṣẹ́, tí kò sì yẹ kí ó máa ṣiṣẹ́ ju ìdajì àkókò lọ. Ó ní fáànù méjì, tẹlifíṣọ̀n kan, gúlóòbù mélòó kan tí kì í jẹ iná púpọ̀, àti áyọ́ọ̀nù tí wọ́n ń lò lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Bí a bá ṣírò gbogbo rẹ̀ pọ̀, yúníìtì 0.4 ló yẹ kí ilé náà máa jẹ ní wákàtí kan. Ibo ni 0.3 tí ó kù ń lọ? Àpẹẹrẹ ni ilé yìí, ṣùgbọ́n gbogbo onílé ló lè tẹ̀ lé ọ̀nà tí a óò gbà wá iná tí ó sọnù náà rí.

Ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́ ni kí a pa súìṣì ńlá tí ó wà lẹ́yìn mítà, èyí tí iná gbogbo ilé ń gbà kọjá. A óò kọ iye tí mítà ní ó kù sílẹ̀ kí a tó pa á, a óò fi í sílẹ̀ fún wákàtí mẹ́rin tí iná fi wà ládùúgbò, a óò sì tún ká a. Iye náà kò gbọ́dọ̀ yí padà. Iná pupa kékeré tí ń ṣẹ́jú lójú mítà gbọ́dọ̀ dáwọ́ ṣíṣẹ́jú dúró, yálà ó kú pátápátá tàbí ó dúró lójú kan. Bí iye bá ṣì ń dín kù nígbà tí ilé ti ṣókùnkùn, kò sí ohun tí ó kan fírísà nínú ọ̀rọ̀ náà. Nǹkan méjì péré ló lè fà á: kí mítà fúnra rẹ̀ máa ka ohun tí kò sí, tàbí kí ohun kan wà láàárín mítà àti súìṣì ńlá tí ń fa iná. Ọ̀pọ̀ mítà ni ó wà lórí òpó báyìí, tí pátákó tí a fi ń tẹ nọ́ńbà nìkan sì wà nínú ilé. Wáyà tí ó ti orí òpó wá sí ilé wà lẹ́yìn mítà, nítorí náà ohunkóhun tí ó bá fa iná lára rẹ̀, ìbáà ṣe aládùúgbò tí ó so wáyà mọ́ ọn lóru, ìbáà ṣe wáyà tí ara rẹ̀ ti bó lórí páànù, onílé ni yóò san án. Kí ẹnikẹ́ni má gun òpó o. Ilé iṣẹ́ iná ni ó yẹ kí ó wá wo ibẹ̀, wọn kò sì lè sọ pé onílé ń lo iná jù nígbà tí súìṣì ńlá wà ní pípa.

Ní ilé tí a fi ṣe àpẹẹrẹ, iye náà kò yí padà. Mítà àti wáyà òpó bọ́ nínú ẹ̀sùn báyìí. Ìgbésẹ̀ kejì ni kí a tan súìṣì ńlá padà, kí a tan gbogbo bíréékà, ṣùgbọ́n kí a yọ gbogbo ohun èlò kúrò lára sọ́kẹ́ẹ̀tì, kí a sì pa gbogbo gúlóòbù àti fáànù. Ilé ò jẹ nǹkan kan báyìí, bí a bá ń fi ojú wò ó. Wákàtí mẹ́rin kọjá, iye orí mítà sì dín kù ní 0.88. A jẹ́ pé ohun kan nínú wáyà ilé ń jẹ 0.22 ní wákàtí kan, láì sí ẹni tí ó tan ohunkóhun.

Oye iná yìí kò jọjú, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo ìtumọ̀ rẹ̀. Ámpíà kan péré ni, bí agbára iná bá jẹ́ fóòtì 220. Bíréékà kò ní já nítorí ámpíà kan, torí pé ámpíà 15 tàbí 20 tàbí 30 ni a ṣe é láti gbà. Onílé kò ní rí èéfín, kò ní gbọ́ ariwo. Síbẹ̀, ní wákàtí 60, ó ti jẹ yúníìtì 13 àti díẹ̀. Ó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí ara wáyà bá ti bó nínú ògiri, tí òjò sì ń rin ògiri náà, tí iná wá ń gba inú ọ̀rinrin náà lọ sínú ilẹ̀ dípò kí ó gba wáyà padà. Ìdí nìyí tí ìdílé mìíràn fi ń sọ pé mítà àwọn ń sáré ní ìgbà òjò, tí ó sì ń dákẹ́ nígbà ọyẹ́. Òótọ́ ni wọ́n rí, ṣùgbọ́n kì í ṣe mítà ni ó ń mọ ìgbà òjò. Ògiri ni.

Láti mọ ibi tí ó wà, a óò máa pa bíréékà lọ́kọ̀ọ̀kan, a óò sì máa wo iná tí ń ṣẹ́jú lójú mítà. Bíréékà tí a bá pa tí ṣíṣẹ́jú náà sì dáwọ́ dúró ni ó ń bọ́ olè náà. Ní ilé wa yìí, ìlà tí ó gbé iná jáde lọ sí ẹ̀rọ tí ń fa omi kànga àti gúlóòbù ìta ni. Kí a fi bíréékà náà sílẹ̀ ní pípa títí oníṣẹ́ iná tí ó mọṣẹ́ yóò fi wá, kì í ṣe nítorí owó nìkan. Ẹni tí ó bá fi ẹsẹ̀ lásán dúró lórí ilẹ̀ tútù, tí ó sì fi ọwọ́ kan ibi tí iná ń jò sí, ara rẹ̀ ni iná yóò gbà lọ sí ilẹ̀. Ìdá díẹ̀ kékeré nínú ámpíà kan tó láti pa ènìyàn. Irú bíréékà kan wà tí a ṣe fún jíjò bẹ́ẹ̀, tí í já nígbà tí iná tí ó jáde àti èyí tí ó padà kò bá dọ́gba mọ́, kódà bí ìyàtọ̀ náà kò bá ju ìdá 30 nínú ẹgbẹ̀rún ámpíà lọ. Ọ̀pọ̀ ilé ni kò ní in. Ilé tí ó bá ní in ni í mọ̀ kí mítà tó sọ.

Ọ̀ràn wáyà kan ṣì kù tí ó wọ́pọ̀ ní ilé tí ayálégbé pọ̀ sí, irú èyí tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Adékúnlé Ajáṣin ń gbé ní Àkùngbá àti agbègbè rẹ̀. Wáyà méjì ni iná ń gbà: ọ̀kan gbé e wọlé, èkejì, tí àwọn oníṣẹ́ iná ń pè ní nútíráàlì, gbé e padà. Ọ̀pọ̀ mítà òde òní ń wo wáyà méjèèjì, èyí tí iná bá pọ̀ jù lórí rẹ̀ ni wọ́n sì ń kà, kí ẹnikẹ́ni má baà lè fi ọgbọ́n jí iná. Bí oníṣẹ́ iná bá wá so nútíráàlì yàrá ẹlòmíràn mọ́ tiyín nígbà tí wọ́n ń pín ilé sí mítà méjì, iná tí aládùúgbò lò yóò gba inú mítà yín padà, mítà yín yóò sì kà á mọ́ yín lọ́rùn. Àmì rẹ̀ hàn kedere: ẹ pa gbogbo bíréékà yín tí ń gé wáyà tí ó gbé iná wọlé nìkan, síbẹ̀ mítà ń ṣẹ́jú, ó sì ń yára sí i nígbà tí aládùúgbò bá tan áyọ́ọ̀nù rẹ̀. Ẹ̀bi ilé iṣẹ́ iná kọ́ ni èyí, ẹ̀bi mítà sì kọ́. Onílé tí ó gba oníṣẹ́ iná pọ́ọ́kú ni kí ó tún un ṣe.

Ẹ padà sí ilé àpẹẹrẹ wa. Nínú 0.3 tí ó sọnù, a ti rí 0.22. Èyí tí ó kù, bíi 0.08, wà nínú fírísà. Rọ́bà ẹnu ilẹ̀kùn rẹ̀ ti le, kò sì gbá mọ́ dáadáa mọ́. Ooru ń wọlé, mọ́tò kò sì sinmi. Fírísà tí ó yẹ kí ó ṣiṣẹ́ fún ìdajì àkókò wá ń ṣiṣẹ́ láìdáwọ́ dúró, ó sì fi wáàtì 75 kún ìnáwó gbogbo wákàtí. Bí a bá ti bébà pélébé kan mọ́ ẹnu ilẹ̀kùn náà, tí a sì fà á jáde láì rí ìdènà, rọ́bà náà ti kú nìyẹn. Bákan náà ni gúlóòbù àtijọ́ tí í gbóná: mẹ́rin oníwáàtì 60 lójú ọ̀dẹ̀dẹ̀ láti ìrọ̀lẹ́ dé òwúrọ̀, wákàtí 12, yóò jẹ yúníìtì tí ó fẹ́ẹ̀ tó mẹ́ta lóru kan. Bí a bá fi èyí tí ó jẹ́ wáàtì 9 pààrọ̀ wọn, kò ní tó ìdajì yúníìtì. Ohun tí ó fi ara pa mọ́ jù nínú ilé ni ohun tí gbogbo ènìyàn ti rí títí tí wọn kò rí i mọ́.

Bí gbogbo èyí bá ti wáyé, tí ìṣirò kò sì bára mu síbẹ̀, ìgbà náà ni ó tó kan mítà fúnra rẹ̀. Àwọn ènìyàn máa ń fi áyọ́ọ̀nù dán mítà wò: wọ́n á ní áyọ́ọ̀nù wáàtì 1,000 ni, ó yẹ kí ó jẹ yúníìtì kan ní wákàtí kan. Ìdánwò yìí ń tan ènìyàn jẹ, pàápàá ní ibi tí iná kì í lágbára. Bí fóòtì bá já sí 180 dípò 230, áyọ́ọ̀nù náà kò ní jẹ ju bíi wáàtì 610 lọ. Mítà tí ó ń sáré yóò wá dà bí ẹni tí ó tọ́.

Omi kì í tan ènìyàn jẹ. Ooru tí lítà omi kan nílò láti inú ìtútù ilé dé híhó kì í yí padà, bí iná lágbára bí iná rẹlẹ̀. Bí iná bá rẹlẹ̀, yóò pẹ́ kí ó tó hó ni. Lítà mẹ́wàá omi tí ó bẹ̀rẹ̀ ní bíi ìwọ̀n 27, tí a sé hó, nílò yúníìtì 0.85. Bí a bá fi èyí tí ó ń bá ara kẹ́tùlù àti èéfín lọ kún un, yóò wà láàárín 0.9 sí 1.1. Nítorí náà, kí a pa gbogbo bíréékà yòókù, kí kẹ́tùlù nìkan wà lára iná, kí a ka mítà, kí a se omi lítà méjì méjì lẹ́ẹ̀márùn-ún, kí kẹ́tùlù máa pa ara rẹ̀ ní gbàrà tí omi bá hó, kí a sì tún ka mítà. Bí ó bá ka nǹkan bíi yúníìtì kan, kí a fi mítà sílẹ̀ ní àlàáfíà. Bí ó bá ka 1.4 tàbí 1.5, tí a tún un ṣe lọ́jọ́ kejì tí èsì kan náà jáde, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu mọ́. Ìdánwò yìí kò lè mú àṣìṣe kékeré, bíi ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún. Ṣùgbọ́n àṣìṣe tí ń sọ ìdílé di aláìní kì í ṣe èyí tí ó kéré.

Ibi yìí ni apá ti onílé parí sí, ibẹ̀ náà sì ni ó yẹ kí gbólóhùn "mítà kì í ṣìnà" dópin. Ẹ̀rọ ń ṣìnà. Ní ọdún 2017, àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Twente, ní orílẹ̀-èdè Netherlands, fi mítà mẹ́sàn-án dán wò. Márùn-ún nínú wọn ka iná ju bí ó ti yẹ lọ nígbà tí a so wọ́n mọ́ gúlóòbù tí a fi ẹ̀rọ dín ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kù, tí irú rẹ̀ ń da ìṣàn iná rú. Èyí tí ó burú jù lọ ka ju òtítọ́ lọ ní ìdá 582 nínú ọgọ́rùn-ún. Méjì mìíràn ka kéré sí òtítọ́. Kì í ṣe pé gbogbo mítà Àkókó rí bẹ́ẹ̀, kì í sì í ṣe irú gúlóòbù bẹ́ẹ̀ ni ó kún ilé wọn. Ohun tí ó fi hàn ni pé mítà tí ó dúró ṣinṣin nínú yàrá ìdánwò lè ṣìnà nínú ilé, nítorí náà ibi tí ó ti ń ṣiṣẹ́ ni a ti gbọ́dọ̀ dán an wò. Ní Nàìjíríà, àjọ NEMSA ni òfin fún ní iṣẹ́ láti dán mítà wò, kí ó sì fọwọ́ sí i kí a tó gbé e kọ́. Ìfọwọ́sí ọjọ́ àkọ́kọ́ kì í ṣe ẹ̀rí fún ọdún kẹfà lẹ́yìn òjò, oòrùn àti àrá orí òkè Ọ̀kà.

Àwọn kan ti rí ìrora wọn, wọ́n sì ti pe oníṣẹ́ iná kan ní alẹ́ láti fa wáyà kọjá lẹ́yìn mítà. Ẹni bẹ́ẹ̀ ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa ẹjọ́ rẹ̀. Ní ọjọ́ tí wọ́n bá dé, kò sẹ́ni tí yóò bi í léèrè bóyá mítà sáré rí. Olè iná ni orúkọ rẹ̀ yóò jẹ́, ìyà sì wà lábẹ́ òfin fún un. Olè kò lè fi ìrẹ́jẹ tí wọ́n ṣe sí i dá ara rẹ̀ láre.

Ní ọdún 2024, lábẹ́ òfin iná mànàmáná ti ọdún 2023, NERC pàṣẹ pé kí àkóso ọjà iná ní ìpínlẹ̀ Oǹdó kúrò lọ́wọ́ òun bọ́ sí ọwọ́ àjọ ìpínlẹ̀ náà. Ìjọba Oǹdó kò lè máa tọ́ka sí Àbújá mọ́. Ohun mẹ́ta ni kí wọ́n fi òfin de ilé iṣẹ́ tí ń pín iná. Èkínní, kí ọ́fíìsì tí ó wà ní Ìkàrẹ́ àti èyí tí ó wà ní Ọ̀kà ní mítà ìdánwò tí a ti fọwọ́ sí, tí a lè so mọ́ ti oníbàárà fún ọjọ́ mélòó kan kí méjèèjì máa ka iná kan náà. Èkejì, kí wọ́n dá ọjọ́ fún un: ẹni tí ó bá mú ìwé ìṣirò rẹ̀ wá, tí ó sì ti pa súìṣì ńlá tí ó ti se omi rẹ̀, kí wọ́n dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ láàárín ọjọ́ tí a kọ sílẹ̀, kí èsì sì wà ní ìwé, tí àwọn méjèèjì fọwọ́ sí. Ẹ̀kẹta, bí mítà bá jẹ̀bi, kí wọ́n dá yúníìtì tí ó kà ní àkàjù padà, kì í ṣe kí wọ́n kàn gbé mítà tuntun kọ́ kí wọ́n sì dákẹ́.

Bí mítà bá sì dá láre, kí onílé gbà bẹ́ẹ̀, kí ó padà lọ bá ògiri rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí wọ́n kọ́kọ́ wọn mítà náà wò. Ẹni tí ó ni kọ́ńgò kò ní ẹ̀tọ́ láti bínú nígbà tí olùrà bá ní kí ó fi ìdí rẹ̀ han òun.